Àwòrán Tanímọ̀la

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Dókítà Olúwafisáyọ̀ fi ìka fẹ àwòrán náà lójú fóònù. Láti ọjọ́ tí ìjà ilẹ̀ ti le láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n ni dókítà ẹranko ará Ìlobù yìí kò ti tẹ ilẹ̀ Ìfọ́n mọ́. Orí fóònù ló ti ń tọ́jú ajá wọn: àwòrán wọlé, orúkọ oògùn jáde. Ó ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ òun. Irọ́ ni, ẹ̀rù ló ń bà á.

Ajá Màmá Àbẹ̀ẹ́kẹ́ ni, olùkọ́ kan ní Ìfọ́n tó ti fẹ̀yìn tì. Tanímọ̀la ni wọ́n ń pe ajá onírun gígùn náà, Kingsley ọmọ wọn tó ń gbé Àbújá ló rà á fún wọn. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé àwòrán kò ju báyìí lọ: "Ó ṣì ń họra. Mo yà á lóòyà láàárọ̀ yìí."

Òòyà wo? Òkè ẹ̀yìn ń dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn etí, ní abíyá àti ní itan, irun ti lọ́ mọ́ra, ó dì mọ́ awọ. Níbi tí irun ti là, awọ pọ́n, ó ń rin, ó sì ń bó. Èékánná ti ká kọ́rọ́kọ́rọ́, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ẹran ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àràárọ̀ ni Màmá máa ń mú un rìn dé pápá ilé ìwé, ilẹ̀ líle a sì máa dín èékánná ajá tó bá ń rìn kù.

Ó wo àwòrán oṣù tó kọjá, ó wo ti oṣù tó ṣáájú rẹ̀. Irun ti ń dì níbẹ̀! Wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí; ojú tirẹ̀ kàn là sílẹ̀ lásán ni. Ọṣẹ oògùn ló sì ní kí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ omi máa ń mú irun tó ti lọ́ le sí i.

Ó gbé àpò, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìfọ́n. Àwọn ilé tó jóná dúró lọ́tùn-ún lósì láìlórùlé, ó sì ń ṣe é bíi pé ẹnìkan ń wò ó láti ojú fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Kò wẹ̀yìn títí ó fi dé ilé Màmá.

Tanímọ̀la kò gbó. Màmá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, òòyà lọ́wọ́.

Olúwafisáyọ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, mà."

Màmá kọjú sí ògiri. "Ta nìyẹn?"

"Dókítà ajá ni, mà. Láti Ìlobù." Ó ju ọwọ́ níwájú Màmá; ojú wọn kò tẹ̀lé e. "Ojú yín ńkọ́, mà?"

"Ó ti lọ. Mobọ́lá tó múlé tì mí ló ń bá mi ya fọ́tò, òun ló ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Má sọ fún Kingsley o. Á kó mi lọ Àbújá, mi ò sì fẹ́ kú síbẹ̀."

Olúwafisáyọ̀ kò fi omi kan ajá náà. Ó fi ẹ̀rọ fá irun tó dì díẹ̀díẹ̀, ó gé ṣóńṣó èékánná kó má baà kan iṣan ẹ̀jẹ̀. Ó ha awọ díẹ̀ tí yóò lọ yẹ̀ wò, torí àwòrán kò lè sọ ohun tó ń jẹ ẹ́.

"Ṣé ọwọ́ yín ò kan irun tó dì yìí ni, mà?"

"Ó kàn án. Ẹnu mi ni ò lè sọ pé mi ò ríran mọ́. Fọ́tò ni mo fi ń sọ ọ́ fún ọ." Màmá nawọ́, wọ́n wá orí Olúwafisáyọ̀ títí wọ́n fi bà á. "Oṣù mẹ́ta gbáko, ọmọ mi, ni mo ti ń retí kí o rí i."