Tẹlifíṣọ̀n Tó Gbé "Mọ́" Mì

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìjà kan ti wáyé n'Íwòó tó ju ìjà ọjọ́ fíìmù Ṣáínà yẹn lọ, ẹ gbá a létí. Eruku tó sọ lọ́jọ́ náà, àwọn ará Kuta ń sín in títí di ọjọ́ kejì. Eyín tó já sílẹ̀ kún garawa, ó tún ṣẹ́kù.

Mùkáílà ló fà á. Òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ nílé fídíò Alhaji Mùrí lọ́nà Ilé-Ogbó, ní 1988, lójú tiẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́n tó o láti ibẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù. Alhaji gbé kọ̀ǹpútà kan bọ̀ láti Jámánì, Mùkáílà nìkan ló mọ̀ ọ́n tẹ̀. Wọ́n fi àpótí kékeré kan so ó pọ̀ mọ́ fídíò. Bí Mùkáílà bá ti tẹ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀ sílẹ̀, tí fíìmù ń lọ, á kàn máa fọwọ́ kan bọ́tìnnì ni, ọ̀rọ̀ á yọ funfun báláú nísàlẹ̀ àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà nínú gbọ̀ngàn. Fídíò kejì tí ì bá gba fíìmù àti ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pọ̀ ti bàjẹ́, nítorí náà ojúkojú ni wọ́n ń ṣe é, bí fíìmù ṣe ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ará Ṣáínà á máa sọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi sí wọn lẹ́nu, àwọn ará Ìwó á máa ka Yorùbá.

Òun àti Ràhámọ̀tù ni wọ́n jọ kọ ọ́. Tíṣà ni Ràhámọ̀tù, òun ni Mùkáílà fẹ́ gbé níyàwó, ẹnu ẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Á dá kásẹ́ẹ̀tì dúró, wọn á kọ ohun tí wọ́n gbọ́, wọn á sọ ọ́ di Yorùbá, wọn á tún yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn láti wò ó bóyá ó bá ẹnu mu. Aago tó fi ń wo eré sísá àwọn ọmọ iléèwé ló fi ń wọn ọ̀rọ̀. Òfin ẹ̀ le ju ti sójà lọ: kí ọ̀rọ̀ yọ bí ẹnu bá ti là, kó sì ti kúrò kí àwòrán tó yí. Ìlà kan ò gbọdọ̀ ju lẹ́tà ọgbọ̀n lọ, ká ka àlàfo mọ́ ọn. Ìlà méjì ló pọ̀ jù.

Wọ́n bá a lọ dáadáa títí tí wọ́n fi dé ibi tí ọ̀gá arúgbó inú fíìmù ti ń kú lọ, tó ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun gbé ọmọdékùnrin kan sá lọ, kí wọ́n fi í pamọ́ fáwọn ọ̀tá. Mùkáílà tẹ̀ ẹ́ báyìí:

E gbe omo yii lo sile, e pa a mo

Kọ̀ǹpútà yẹn ò mọ àmì ohùn, kò sì mọ àmì tí wọ́n ń fi sábẹ́ lẹ́tà.

"Méjìlélọ́gbọ̀n nìyẹn," ni Ràhámọ̀tù wí. "Gé e sí méjì."

"Kí n wá gé e kó bo arúgbó lẹ́rẹ̀kẹ́? Ilẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí, o ò rí i ni? Orí ẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá."

"Etí tẹlifíṣọ̀n ńlá máa jẹ ẹ́."

"Ràhámọ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń hàn níbí!" Ó nàka sí tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà lórí tábìlì ẹ̀. Òótọ́ ni, gbogbo ẹ̀ hàn. "Tó bá jẹ lẹ́tà kan péré, kí wọ́n gé mi lọ́wọ́."

Ẹnu ẹ̀ ló fi sọ ọ́ o.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, ilé kún títí ògiri fi ń làágùn. Apá ọ̀tún, Ògúnníyì àtàwọn ọmọ ẹ̀ tó ń kẹ́rù ní gáréèjì. Tọ́kọ̀ bá rì, èjìká ni Ògúnníyì fi ń gbé e. Òun nìkan ló mọ̀wé nínú wọn, òun ló ń kà á sókè fún wọn, ó sì ń yangàn sí i. Apá òsì, Àyànbádéjọ àtàwọn mẹkáníìkì ẹ̀. Wọ́n ti jà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nítorí táyà. Àwọn ti Ògúnníyì ń ti ọ̀gá arúgbó lẹ́yìn, àwọn ti Àyànbádéjọ ń ti ọmọdékùnrin.

Arúgbó ṣubú. Nínú yàrá ẹ̀rọ, Ràhámọ̀tù fọwọ́ gbá Mùkáílà léjìká, Mùkáílà tẹ bọ́tìnnì.

"Ẹ... gbé... ọmọ yìí... lọ sílé," Ògúnníyì kà á bí ìgbà tí màálù ń ké, "ẹ... pa á!"

"Ẹ pa á!" làwọn ọmọ ẹ̀ hó gèè.

"Ta lẹ fẹ́ pa?" Àyànbádéjọ ti dìde. "Ọmọ tí ò ṣẹ̀ yín?"

"A ti pa á tán! Lọ sin ín!"

Sípánà ló dá a lóhùn. Ó gba imú Ògúnníyì, ẹ̀jẹ̀ dà bí omi ẹ̀rọ. Gbọ̀ngàn dàrú. Bẹ́ǹṣì ń fò bí ẹyẹ. Wọ́n gbá ọkùnrin kan mọ́ ògiri, àwòrán ẹ̀yìn ẹ̀ ò tíì kúrò níbẹ̀ dòní. Ẹnì kan bu ẹlòmíì létí jẹ, ó tutọ́ ẹ̀ sílẹ̀, ó tún padà wá bu èkejì. Alhaji Mùrí tó ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà rá wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì pẹ̀lú fìlà.

Fíìmù ò dúró o. Àyànbádéjọ, tó fi orókún tẹ ẹnì kan lọ́fun, ló kọ́kọ́ gbójú sókè. Lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gbé ọmọ náà sínú àká, wọ́n ń fún un ní ìrẹsì jẹ.

"Ògúnníyì!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn níléèwé tìrẹ nìyẹn? Ó ń jẹun! Ìwé ò yé ẹ, olóríburúkú!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ Ògúnníyì náà rẹ́rìn-ín. Èyí ló dun ọkùnrin náà ju imú lọ. Ó mú páìpù irin, ó fi ẹsẹ̀ kan gbá ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ wọlé, ó fa ọwọ́ ọ̀tún Mùkáílà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

"Ìwọ lo sọ mí di òpùrọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò..."

Ó yí ìka àárín ẹ̀ sẹ́yìn. Ó dún kà! Mùkáílà ké, wọ́n gbọ́ ọ l'Ólúpọ̀nnà.

"Mẹ́rin ló kù. Lẹ́yìn ẹ̀, ó kan ọwọ́ òsì. Kí ni mo kà tí kò sí níbẹ̀?"

Mùkáílà yíjú sí tẹlifíṣọ̀n kékeré. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló rí lórí tẹlifíṣọ̀n tiẹ̀. Níbo ni wọ́n ti rí "ẹ pa á"? Páìpù ti gòkè. Ó wá gbọ́ ohùn Alhaji láti abẹ́ bẹ́ǹṣì, tó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́: "Ọlọ́run, pa mí mọ́! Ọlọ́run, pa mí mọ́ o!"

"Mọ́!" ni Mùkáílà pariwo. "Mọ́ ni! Ràhámọ̀, yí kásẹ́ẹ̀tì padà!"

Ràhámọ̀tù ti ń yí i padà kó tó sọ ọ́ tán. Arúgbó tún ṣubú. Mùkáílà fi ọwọ́ òsì tẹ bọ́tìnnì. "Ẹ wo ti kékeré yìí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ tún yọjú wo tinú gbọ̀ngàn."

Ògúnníyì wo ti kékeré: e pa a mo. Ó yọrí sí gbọ̀ngàn: e pa a. Lẹ́yìn "a", ẹ̀bá tẹlifíṣọ̀n ló kù, igi dúdú.

"Mo ní kó gé e," ni Ràhámọ̀tù wí, omijé ń dà lójú ẹ̀. "Agídí ni!"

Ògúnníyì ò gbọ́ tiẹ̀. "Èmi kà á dáadáa, àbí mi ò kà á dáadáa?"

Mùkáílà wo ìka ẹ̀ tó dojú kọ ẹ̀yìn. "Ẹ kà á dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Tẹlifíṣọ̀n ńlá ló gbé 'mọ́' mì."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó fi ọwọ́ Mùkáílà sílẹ̀, ó rìn lọ sínú gbọ̀ngàn, gbogbo èèyàn yà fún un. Ó dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n.

"Pọ̀ ọ́ jáde," ló wí fún un.

Ó sì fi páìpù là á. Gíláàsì fọ́n ká, iná yọ, èéfín bo gbogbo ilé. Ó tún là á. Ó là á títí tó fi di pẹrẹsẹ bí àwo. Alhaji dákú lábẹ́ bẹ́ǹṣì.

Kó tó jí, gbogbo wọn ti wà nínú yàrá ẹ̀rọ, mẹkáníìkì lórí alágbàrù, wọ́n yí tẹlifíṣọ̀n kékeré ká, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí kọ̀ǹpútà. Ràhámọ̀tù fi dùùkù orí ẹ̀ di ọwọ́ Mùkáílà, ó dúró tì í bí ọlọ́pàá títí tó fi fọwọ́ kan ṣoṣo tún un tẹ̀, ní ìlà méjì:

E gbe omo yii lo sile,
e pa a mo

Ó bo arúgbó lẹ́rẹ̀kẹ́ lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó bìkítà.

"Ẹ... pa á... mọ́," Ògúnníyì kà á láti inú imú tó wú.

"Ṣé 'mọ́' wà níbẹ̀ dájú?" ni Àyànbádéjọ bi í.

"Wò ó níbẹ̀ yẹn. Lábẹ́ irùngbọ̀n arúgbó."

Àyànbádéjọ ò mọ̀wé. Ó wò ó pẹ́, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì fi sípánà ẹ̀ sápò.