Aago Ọlọ́wọ́ Kan

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń tún aago ṣe, síbẹ̀ ẹ̀bùn ọmọ ọdún márùn-ún fẹ́rẹ̀ẹ́ da orí mi rú. Ọjọ́ Ajé ni ọmọ ọmọ mi, tí mò ń pè ní Ìyá Ìbéèrè torí ìbéèrè rẹ̀ kì í tán, máa bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Aṣọ wà, ìwé wà. Ohun tí kò ní ni ìdánilójú pé wọ́n máa wá mú un.

Ìyá rẹ̀ ló fà á. Ní ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Mò ń bọ̀," bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ bí a bá ń jáde, ó sì wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Títí dòní, ojú fóònù la ti ń rí i. Ẹ̀yìnkùlé lásán ni mo fẹ́ lọ o, n kò jẹ́ dá a láṣà kí n sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ á lẹ̀ mọ́ mi nítan bí eégbọn.

Mo ra ọmọláńgidi. Olùkọ́ ní wọ́n á fi jà, kí n fi sílé. Mo ra ike omi aláràbarà. Ọmọ fi ọwọ́, ó fi eyín, ìdérí kò ṣí. Ọjọ́ kù sí méjì, ara mi kò balẹ̀ mọ́. Télọ̀ tí a jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù wá ń fi mí rẹ́rìn-ín.

"Màmá Aláago, aago ló yí yín ká yìí, ẹ̀ ń wá ẹ̀bùn kiri."

"Ọmọ tí ò mọ aago wò?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ̀ ń tún un ṣe? Ẹ tún un ṣe kó yé e."

Mo mú aago ọwọ́ kékeré kan, mo fi ẹmú yọ ọwọ́ ìṣẹ́jú àti èyí tó ń sáré kiri. Ọwọ́ kúkúrú nìkan ló kù. Mo kán ọ̀dà pupa sórí nọ́ńbà kìn-ín-ní, torí aago kan ọ̀sán ni wọ́n ń jáde. Mo dé ẹ̀yìn rẹ̀ pinpin, torí bátìrì kékeré bẹ́ẹ̀, bí ọmọ bá gbé e mì, ọ̀nà ọ̀fun ló ń jó. Okùn ọwọ́ tó ń lẹ̀ mọ́ra ni mo fi sí i, kó lè dá a dè.

Mo fi han Ìyá Ìbéèrè, mo ní, "Tí ọwọ́ yìí bá dé orí pupa, wàá rí mi lẹ́nu géètì."

"Tó bá dé ibẹ̀, tí ẹ ò dé ńkọ́?"



Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí olùkọ́ ṣe gbà á lọ́wọ́ mi, ó já bọ́ lẹ́nu mi: "Mò ń bọ̀!" Ètè ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ahọ́n ara mi jẹ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ohun tí mo mú ló ń bọ́. Nígbà tó di aago méjìlá, télọ̀ lé mi jáde. Aago méjìlá ààbọ̀ kò tíì lù tí mo fi dé géètì.

Ìyá Ìbéèrè rí mi, ó sáré wá, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì bojú jẹ́.

"Màmá àgbà, kò tíì dé orí pupa! Eré wa ò tíì tán."

Ó yí padà, ó sáré lọ. Nígbà tó dé àárín pápá, ó bojú wẹ̀yìn, ó pariwo: "Mò ń bọ̀ o!"

Mo jókòó sórí òkúta kan lẹ́nu géètì, omijé bọ́ lójú mi. Nígbà tó di aago kan, ó dé.