Àwọn Tí Wọn Kò Bi Léèrè

Ẹni tó bá rí ohun tó ń wá, ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ti Wúrà kò balẹ̀. Láti àná tí ìṣirò ti jáde lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò lè jẹun, kò lè jókòó. Ó ń lọ ó ń bọ̀ láàárín yàrá àti ẹ̀yìnkùlé bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí.

Nọ́ọ̀sì ni ní Àkúrẹ́. Ìjọba fún un láyè ọdún méjì kó lọ kàwé sí i ní Oǹdó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì kù kí àyè náà pé. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ìṣẹ́ ló ń lé aboyún lọ sí ilé àgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì, àti ohun tí ojú wọn ń rí níbẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Ọpẹ́yẹmí àbúrò rẹ̀ ti kú lórí ìkúnlẹ̀ ní Ìjù, lọ́dún tí owó epo gbẹ́sẹ̀ lé ọrùn gbogbo wa. Ìyá wọn kò sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà rí.

Ṣùgbọ́n ta ló rí owó ọkọ̀ tí yóò fi máa wá irú ilé bẹ́ẹ̀ kiri láti Ìjù dé Ọ̀gbẹ̀sẹ̀? Wúrà lọ gba détà tí wọ́n ti kó jọ káàkiri orílẹ̀-èdè: ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin, bí ilé kálukú ṣe rí, ibi tó bímọ rẹ̀ sí. Ìṣirò wá ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tòṣì jù ní ìpínlẹ̀ náà ló bímọ sí ọsibítù aládàáni. Dókítà Akínbọ̀wálé, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. "Nǹkan tuntun rèé! Kọ ọ́ wá kíákíá."

Obìnrin tí kò rówó ra gààrí, níbo ló ti rówó ọsibítù aládàáni? Wúrà tú ìwé ìbéèrè wọn yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Ọsibítù ìjọba wà níbẹ̀, aládàáni wà níbẹ̀, ilé ara ẹni wà, "ibòmíràn" náà wà. Ilé àgbẹ̀bí kò sí.

Agnes, tó ń ta ìwé lẹ́bàá ilé-ìwé ní Oǹdó, wà lára àwọn tó lọ bi àwọn obìnrin léèrè nígbà tí wọ́n ń kó détà náà jọ. Wúrà tọ̀ ọ́ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, bí obìnrin bá ní ilé àgbẹ̀bí lòun bí sí, ibo lẹ máa ń kọ ọ́ sí?"

Agnes rẹ́rìn-ín. "Aládàáni ni tèmi. Ṣebí kì í ṣe ti ìjọba? Ẹni tá a jọ ṣe é, 'ibòmíràn' ló ń kọ tiẹ̀ sí. Oòrùn ń pa wá, ilé ṣì pọ̀ níwájú, ta ló fẹ́ máa bá ìwé jiyàn?"

Inú Wúrà bàjẹ́, àmọ́ kò rí ẹni tí yóò bínú sí. Ó kó ọ̀rọ̀ náà lọ bá Dókítà, ọkùnrin náà sì yọ awò ojú rẹ̀.

"A ò lè yọ wọ́n kúrò lára ọsibítù gidi mọ́ nìyẹn," ló wí. "Ohun kan sì wà tó yẹ kí n ti bi ọ́ látilẹ̀wá. Ta ló dáhùn pé ibi báyìí lòun bímọ sí?"

"Ìyá ọmọ ni, sà."

"Èyí tó bá kú sórí ìkúnlẹ̀ ńkọ́?"

Wúrà rántí Ọpẹ́yẹmí. "Wọ́n bèèrè nípa tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ti kú, sà."

"Wọ́n bèèrè ibi tó ti ń bímọ?"

"Rárá, sà."

"Détà náà kò burú. Kì í ṣe ìbéèrè tìẹ ni wọ́n torí rẹ̀ kó o. Yí ìbéèrè padà: ẹ̀ẹ̀melòó ni aboyún lọ gba ìtọ́jú kó tó bímọ? Ìyẹn wà níbẹ̀ kedere, wàá parí lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Bí o bá fẹ́ di tìẹ mú, àfi kí o lọ bá ẹbí àwọn òkú fúnra wọn. Ọdún kan nìyẹn, àyè rẹ á sì ti pé."

Ní Àkúrẹ́, ìyá rẹ̀ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí.

"Ìwé ọ̀hún rí nǹkan?"

"Màmá, àwọn tó yè nìkan ni wọ́n bi léèrè. N ó yí ìbéèrè padà. Mi ò lágbára mọ́."

Ìyá náà gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Kò wá sí ẹni tó bèèrè Ọpẹ́yẹmí?"

"Kò sí, mà."

"Kò sẹ́ni tó bi èmi náà. Gbogbo ulé ń bá mi kẹ́dùn, wọ́n ń wò mí lójú, kò sẹ́ni tó bèèrè. Èmi ni mo mú un kúrò ní ọsibítù lọ síbẹ̀, Wúrà. Èmi ni. Lọ mú bírò rẹ wá, kó o bi mí."

Wúrà mọ̀ pé òun kò ní yí ìbéèrè padà mọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òun ti lọ nìyẹn. Ó wá bírò, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ olóògbé?"