Búlọ́ọ̀kù Ọjọ́ Sátidé

Dókítà Olúrẹ̀mí Fáníyì kò kí mi. Ó wọ inú ọgbà mi ní Ìkẹ́rẹ́, ó ní kí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ṣí bùùtù mọ́tò, ó mú ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù kan jáde nínú àpò ìrẹsì, ó sì jù ú sílẹ̀ níwájú mi. Ó fọ́ yángá bíi búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo òṣìṣẹ́ mi dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ta búlọ́ọ̀kù, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń gba oníbàárà tó bá gbé ìbínú wá. A kì í bá a jiyàn. A máa ń jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó sọ ọ́ tán lóòótọ́. Ó bi mí bóyá eruku ojú títì ni mo ń pò mọ́ yanrìn. Ó ní òun ń kọ́ ilé sórí ilẹ̀ bàbá òun ní Ìgbàrà-Odò, ṣé mo fẹ́ kó wó pa òun ni. Ó ní òun ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́tàdínlógún, òun kò tíì rí aláìnítìjú bíi tèmi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, mò ń gbọ́. Inú mi ń gbóná, ṣùgbọ́n ó ṣì ku búlọ́ọ̀kù ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tí obìnrin yìí fẹ́ rà, oníbàárà bẹ́ẹ̀ kì í sì í wá lójoojúmọ́ nínú ọyẹ́.

Nígbà tó mí, mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó báyìí."

Mo mú Bàbá Bùsọ́lá dání. Ìgè ni orúkọ rẹ̀, òun ló ń gé búlọ́ọ̀kù fún mi láti ọjọ́ tí mo ti ra ẹ̀rọ àkọ́kọ́, kódà òun ló kọ́ mi ní bí omi ṣe ń mọ níwọ̀n nínú yanrìn. Ó jù mí lọ ní ọdún mẹ́rìnlá.

A dé Ìgbàrà-Odò. Olúṣẹ́gun, olórí àwọn bíríkìlà, fi ògiri hàn mí. Mo gbé búlọ́ọ̀kù kan dé ìbàdí, mo sọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó bá dára kì í fọ́. Ìkíní kò fọ́, ìkejì kò fọ́, ìkẹta fọ́ túútúú. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn títí mo fi rí i pé nínú mẹ́fà, ó tó ọ̀kan tí kò dára. Mi ò wá àwáwí. Mo ní kí wọ́n wó ìlà mẹ́ta tí wọ́n ti tò, èmi ni màá san owó iṣẹ́ wọn, búlọ́ọ̀kù mìíràn á sì dé kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́la. Ojú Dókítà rọ̀ díẹ̀. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.

Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ọ̀rọ̀ tí mi ò múra sílẹ̀ fún. "Kí ló fà á?"

Mi ò mọ̀. Ká ní mo ti sọ pé mi ò mọ̀, pé kó fún mi ní ọjọ́ méjì kí n wádìí, ì bá ti tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn wà lára mi, mo fẹ́ kí obìnrin náà rí i pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi yé mi. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí Bàbá Bùsọ́lá tó ń ṣa àfọ́kù sínú àpò.

Mo ní, "Òṣìṣẹ́ mi ló ń jí sìmẹ́ńtì. Ọkùnrin yìí."

Ó dìde díẹ̀díẹ̀. "Ìyá Tóbi, méè jí i. Mo ti bá yín sọ̀rọ̀ Sọ́ńdè yẹn."

"Ẹ pa ẹnu mọ́," ni mo sọ. "Ẹ má padà sí ọgbà mi mọ́. Èmi kì í bá olè ṣiṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ Sọ́ńdè tó ń wí ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí òun wá máa bomi rin búlọ́ọ̀kù lọ́jọ́ ìsinmi. Díákónì obìnrin ni mí. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, mo máa ń ti géètì, mo máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì Bíbélì mi títí di àárọ̀ Mọ́ńdè, mo sì máa ń fi ṣe ẹ̀rí níjọ. Mo sọ fún un nígbà náà pé omi kò lè gbà mí lọ́wọ́ ọ̀run àpáàdì.

Olúṣẹ́gun pòṣé sí i. Ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà ní kó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, kí wọ́n wo àpò rẹ̀. Ó bọ́ ọ. Mo dúró, mò ń wò ó, kò sì sí nǹkan kan nínú àpò náà ju awẹ́ obì kan lọ. Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé ibi tí ọ̀kadà wà. Ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì tí àwa méjèèjì jọ ń lọ ṣáájú ọjọ́ ìsìn, wọ́n sì gba aṣọ àwọn amójútó-èrò tó máa ń wọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbà á. Mo kọ orin.

Oníbàárà mi dúró. Ká sọ òótọ́, ó tilẹ̀ fẹ́ràn mi. Ó ní òun kò mọ̀ pé ẹnì kan ṣì wà tó ń tètè ṣe nǹkan báyìí, ó sì ní kí n máa gbé ìyókù bọ̀.

Mo gba Daniel, ọ̀dọ́kùnrin kan tó wá láti Ìrò, sípò Bàbá Bùsọ́lá. Nítorí olè tí mo ti kéde, mo pàṣẹ pé kó máa fi èédú kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ iye tó ti inú àpò sìmẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Dókítà pè mí lórí fóònù. Kò pariwo.

"Ó tún ti fọ́," ló wí, ó sì pa fóònù.

Ẹni tó ń bú èèyàn ṣì ń fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ ti ń wá ẹlòmíràn.

Mo dé ibẹ̀ kó tó di aago méje. Mi ò bẹ̀bẹ̀, mi ò ṣèlérí. Mo ní kí Olúṣẹ́gun bá mi to búlọ́ọ̀kù ní ọjọ́ sí ọjọ́, bí èédú ṣe kọ ọ́. A mú márùn-ún márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ń sọ wọ́n sílẹ̀ lójú Dókítà. Ti Mọ́ńdè kò fọ́. Ti Túsìdé kò fọ́. Títí dé Fúráìdé, kò sí èyí tó fọ́. Nínú márùn-ún ti Sátidé, mẹ́rin fọ́.

"Kí lẹ máa ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé?" ni Dókítà béèrè.

"Sìmẹ́ńtì kan náà ni, mà. Yanrìn kan náà."

"Ọjọ́ kejì rẹ̀ ńkọ́?"

Búlọ́ọ̀kù tútù tí kò rí omi mu láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì kì í le. Gbígbẹ ló máa ń gbẹ, pàápàá nínú ọyẹ́. Ọmọ ọdún méjì nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo kàn rò pé Ọlọ́run á bá mi bomi rin ín ni.

Mi ò ní purọ́: orúkọ Daniel ti dé ètè mi. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí èmi àti rẹ̀ jọ wọ̀ wá, kò mọ nǹkan kan, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó rọrùn. Mo ti ṣe é rí, ó sì ti ṣiṣẹ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ojú Dókítà kò kúrò lára mi, ó sì hàn sí mi pé bí mo bá tún pe ẹlòmíràn lólè, obìnrin yìí kò ní ra ọ̀kan mọ́ láéláé.

Mo ní, "Èmi ni, mà. Èmi ló ń ti géètì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Omi kì í kan ti Sátidé."

"Olè ọjọ́sí ńkọ́?"

"Kò sí olè."

Dókítà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìyẹn ni pé ẹ ta ẹran ara èèyàn fún mi láti fi bo àìmọ̀ yín, mo sì rà á. Mo tún yìn yín." Ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ má gbé búlọ́ọ̀kù mìíràn wá. Ẹ lọ mú ọkùnrin yẹn wá síbí, níbi tí ẹ ti bọ́ ọ láṣọ."

Bùsọ́lá, ọmọ rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn ilé wọn fún mi. Kò kúnlẹ̀, kò sì ní kí n jókòó. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, ó ń bá aládùúgbò bó ẹ̀gẹ́, ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un. Mo wólẹ̀ lórí erùpẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀bẹ rẹ̀ kò dúró.

"Ujọ́ mélòó lẹ fi tún ti Dókítà ṣe nígbà àkọ́kọ́?" ló bi mí.

"Ọjọ́ kan."

"Tèmi ti tó ujọ́ mélòó?"

Ó fọ ọwọ́, ó wọ ẹ̀wù. "Màá bá yín lọ. Éè ṣe torí uṣẹ́ yín o. Torí orúkọ tí mo fi sílẹ̀ níbẹ̀ ni."

Ní Ìgbàrà-Odò, mo sọ ọ́ níwájú àwọn bíríkìlà pé ọkùnrin yìí kò jí nǹkan kan, pé ó kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, pé èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn kí ojú má baà tì mí. Olúṣẹ́gun ní òun kò gbọ́, kí n gbé ohùn sókè. Mo gbé e sókè. Ó ní àwọn tó wà lórí igi tí wọ́n fi ń gun ògiri náà kò gbọ́. Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta, mò ń sunkún, wọ́n sì ń wò mí bí wọ́n ṣe wo àpò rẹ̀ níjọ́sí.

Dókítà yíjú sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ọwọ́ yín ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣé kí n máa rà á lọ́wọ́ obìnrin yìí?"

Ẹnu kan ṣoṣo tó lè pa mí nìyẹn, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi fún un lágbára. Bàbá Bùsọ́lá rìn lọ sídìí búlọ́ọ̀kù ti Mọ́ńdè, ó fi èékánná họ ọ́, ó gbá a, ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ máa rà á," ló wí. "Kó ṣáà máa bomi rin ín ní Sọ́ńdè. Ó mọ uṣẹ́ náà. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Dókítà ní kí n ṣe ẹgbẹ̀rún méjì tó kù, ó sì fi ẹgbẹ̀rún kan ti fẹ́ǹsì lé e. Mo sáré tẹ̀lé Bàbá Bùsọ́lá dé ibi ọ̀kadà, mo bẹ̀ ẹ́ kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó gun ọ̀kadà, ó ní kí ọlọ́kadà máa lọ.

Láti ìgbà náà, Dókítà ti rán oníbàárà mẹ́rin sí mi. Ohun kan náà ni gbogbo wọn máa ń béèrè kí wọ́n tó rà, bóyá ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n gé yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sí mọ́, mo sì máa ń sọ ohun tí mo ṣe fún un. Wọ́n á wò mí, wọ́n á sì rà á.