Ẹ̀yìn Tíkẹ́ẹ̀tì

Obì Àlájà Ṣùkúrátù jẹrà ní ibùdó rélùwéè, nítorí ọkọ̀ Kánò tí wọ́n fagi lé. Tìbínú-tìbínú ló fi gbéra láti Ṣàgámù, ó ju lẹ́tà síwájú ọ̀gá ibùdó pé kí wọ́n dá owó ọkọ̀ òun padà.

Ọ̀gá kà á, ó rẹ́rìn-ín. "Àlájà, nínú ìwé wa, ọkọ̀ yẹn lọ. A bu epo sí i, ó sì dé Kánò."

"Irọ́ funfun báláú!" Ó yí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà. Akọ̀wé ọjọ́ náà ti kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé ọkọ̀ kò rìn, ó sì lu òǹtẹ̀ sí i.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọ̀gá. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

"Ta ló tún ti rí tíkẹ́ẹ̀tì yìí, Àlájà?"