Orúkọ Mẹ́ta Lórí Ìwé Ilé Ìwó

Bọ̀dá Àbúdù, ẹ̀gbọ́n wa, fi ìwé ilé tí a fẹ́ rà ní Ìwó ránṣẹ́ sórí fóònù mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní kí n bá òun wò ó bóyá wọ́n kọ orúkọ àdúgbò náà dáadáa. Mo dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Mo ka orúkọ àdúgbò, ó pé. Mo ka orúkọ ẹni tó ń ra ilé: Àbúdù Àjàmú. Mo fi ìka tì í sókè, mo fi ìka tì í sísàlẹ̀, bóyá orúkọ tèmi sá pamọ́ síbì kan. Kò sí. Orúkọ Rekiat àbúrò wa náà kò sí.

Àwa mẹ́ta la dá owó ilé yìí, ọdún mẹ́ta gbáko. Bí ẹ bá pín in sọ́nà mẹ́wàá, márùn-ún jẹ́ ti Bọ̀dá, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí àwọn táǹkì epo ní Kirikiri. Mẹ́ta jẹ́ tèmi Mujeedat, tí mò ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ní Boundary, Ajégúnlẹ̀. Méjì jẹ́ ti Rekiat, tó ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja Snake Island. Kí ni mo jẹ láàárín ọdún mẹ́ta yẹn? Gàárì. Ilé oníyàrá mẹ́rin nílùú bàbá wa, tí wọn ò tíì kan páànù lé, ni gàárì yẹn fẹ́ bí.

Bó bá jẹ́ ìgbà mìíràn ni, ǹ bá ti pe Bọ̀dá lójú ẹsẹ̀, ǹ bá sì ti sọ fún un bó ṣe rí lára mi. Èmi kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ la ikùn Bọ̀dá, kí wọ́n yọ kókó tó wà níbẹ̀. Ìyàwó méjì ló ní, ọmọ méje. Bí nǹkan bá lọ ṣe é, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lórí ìwé, ilé á di ogún àwọn ọmọ rẹ̀. Ta ni yóò wá rántí pé ẹnì kan ń jẹ gàárì ní Ajégúnlẹ̀?

Mo pe Rekiat.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́," ó ní. "Yóò dà bíi pé à ń retí ikú ẹ̀."

"Tá ò bá sọ ọ́ ńkọ́? Rìsíìtì wo lo gbà lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Ṣé èèyàn ń gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni? Owó tútù ni mo máa ń kó fún un."

Mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ni mo bá rántí tèmi. Báńkì ni èmi máa ń gbà fi owó ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí báńkì ti ń béèrè pé owó kí ni, ohun tí mo ń kọ ni "òògùn Màmá". Torí Philip ọkọ mi ni. Philip ò lè rí fóònù mi nílẹ̀ kó má wò ó. Bó bá rí "ilé Ìwó", yóò ní ká kọ́kọ́ san owó ilé tiwa. Ta ló wá fẹ́ bínú sí òògùn ìyá ìyàwó? Mo rò pé mo gbọ́n. Màmá tí orí kì í fọ́, mo ti ra òògùn mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún un.

Lọ́jọ́rú ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ọ́fíìsì Lọ́yà Ufuoma, tó kọ ìwé náà, ní Apapa. Ẹni tó ń rà á ni yóò fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, Lọ́yà yóò gbé ìwé lọ sí Ìwó, kí olórí ẹbí tó ń ta ilé àti àwọn àgbà ẹbí náà fọwọ́ sí tiwọn, ká tó sanwó.

Bọ̀dá ti rù. Ó mú bírò.

"Ẹ dúró ná, Bọ̀dá."

"Kí ló dé, Mùjì?"

"Orúkọ wa ò sí níbẹ̀."

"Tèmi wà níbẹ̀. Ṣé èmi kọ́ ni ẹ̀gbọ́n yín ni?"

"Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ kì í ṣe àwa."

Rekiat já mi léèékánná nítan. Bọ̀dá rọra gbé bírò kalẹ̀.

"Torí wọ́n fẹ́ là mí lọ́jọ́ Ajé, àbí? O ti ń ka ọjọ́ mi?"

Omi bọ́ lójú mi, àmọ́ mi ò pa ẹnu mi mọ́. "Bẹ́ ẹ tiẹ̀ máa lo ọgọ́rùn-ún ọdún, orúkọ mi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀."

"Ẹ̀rí wo lo ní?" Ó gbé fóònù ẹ̀ fún Lọ́yà. "Ẹ bá mi kà á. Òògùn Màmá. Òògùn Màmá. Ṣé òògùn lo fẹ́ fi gba ilé ni?"

Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́.

Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ Lọ́yà Ufuoma dàgbà. Ó kó ìwé náà sábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀. "Oga, abeg," ó ní, "ẹ dá mi lóhùn. Ṣé owó ilé ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín àbí owó òògùn?"

Bọ̀dá gba fóònù ẹ̀ padà. Àwa ló kọjú sí, kì í ṣe Lọ́yà.

"Bàbá wa àti Bàbá Kékeré àbúrò ẹ̀ ló jọ kọ́ ilé tí a dàgbà sí. Orúkọ ta ló wà lórí ìwé?"

"Bàbá Kékeré," ni Rekiat dáhùn.

"Nígbà tí Bàbá kú ńkọ́? Ṣé wọn ò kó ẹrù wa síta lójú òjò? Mo ní bó bá jẹ́ orúkọ èmi nìkan ló wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kó ẹrù àwọn ọmọ mi síta."

"Èmi ni mo máa kó o síta? Èmi ni Bàbá Kékeré?"

"Ahọ́n ẹ gùn ju ti Bàbá Kékeré lọ."

"Bọ̀dá, ẹ wo ìwé yẹn dáadáa. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ di Bàbá Kékeré."

Ó yíjú sí Lọ́yà. "Bí orúkọ wa bá pé mẹ́ta, tí mo wá kú, ṣé ìpín tèmi ò ní di tiwọn?"

"Rárá. A máa kọ ọ́ pé ìpín oníkálukú dá dúró. Ẹni tó bá kú, àwọn ajogún ẹ̀ ló ni tirẹ̀. Bí a ò bá kọ ìyẹn ni wàhálà wà."

"Ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ òògùn Màmá náà sí i. Owó ilé ni. Ti Rekiat náà, mo gbà á, ó pé."

Ọ̀sán pọ́n kí Lọ́yà tó tún un kọ tán. Orúkọ wa di mẹ́ta lórí ìwé ilé, pẹ̀lú ìpín kálukú: márùn-ún, mẹ́ta, méjì. Lọ́yà tún kọ àdéhùn mìíràn láàárín àwa mẹ́ta: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá ta ilé, ẹni tó bá fẹ́ ta ìpín tirẹ̀, àwa tó kù ni yóò kọ́kọ́ fi lọ̀, ní iye tí ẹni tó ń díwọ̀n owó ilé bá sọ. Kí Bọ̀dá tó fọwọ́ sí i, ó pe ìyàwó ẹ̀ méjèèjì láti Kirikiri, ó ní kí wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé òun ò gbọ́. Oníkálukú gba ẹ̀dà tirẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i ní Ìwó, a sì sanwó. Ìwé gangan padà sọ́wọ́ Lọ́yà, kó lè lọ forúkọ ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, fóònù mi dún ní ṣọ́ọ̀bù. Bọ̀dá ni, láti ọsibítù.

"Mùjì, Philip ti rí ìwé yẹn?"

"Ó ti rí i. Ó bínú fún ọjọ́ méjì. Lánàá ló wá ní òògùn Màmá mà ṣiṣẹ́ o."

Ó rẹ́rìn-ín, ikùn sì dùn ún. "Wọ́n ti ń pè mí. Tí mo bá jáde, mo ṣì máa bú ẹ fún ohun tó o sọ lọ́jọ́rú."

"Ẹ jáde, ẹ wá bú mi."

Ó ti pa fóònù. Mo fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, òwú kọ̀. Mo gbé fóònù sórí aṣọ tí mò ń rán, mo jókòó tì í, mò ń dúró de èébú mi.