Òrùka Tó Yí Iná Ká

Èmi ni nọ́ọ̀sì tó ń ka lẹ́tà ní ilé ìwòsàn ojú wa. Láàárọ̀ yìí, ti ìyá aránṣọ kan dé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù tó ń bọ̀ lẹ ní kí n wá, ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, òrùka bí òṣùmàrè ń yí iná ká lójú mi. Mo pààrọ̀ gbogbo gílóòbù ilé, síbẹ̀ iná títì náà ní òrùka. Tó bá ti dé, ojú ọ̀tún á máa ro mí dé orí, á sì ṣú. Tí mo bá sùn, á lọ. Tí àyè bá yọ, ẹ bá mi fà á súnmọ́. Tí kò bá yọ, kò burú."

Kò burú kẹ̀? Inú bí mi. Mo pè é lórí fóònù pé kó máa bọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó má fọwọ́ ara rẹ̀ wakọ̀.

Nígbà tí mi ò rí i, mo jáde. Ó ti dé tipẹ́, ó jókòó sẹ́yìn gbogbo èrò. Ó ní, "Àwọn ló ṣáájú mi dé."

Mo fà á lọ́wọ́ wọlé. Dókítà fi ẹ̀rọ wọ̀n bí omi ṣe ń ti ojú náà látinú tó, ó sì tètè kán oògùn sí i. Ó ní, "Mà, tí ẹ bá dúró de oṣù tó ń bọ̀, ojú yìí ò ní dúró dè yín."

Ìyá náà mi orí. "Ẹ ṣé. Ẹ bá mi bẹ àwọn tó wà níta."